Má Fọwọ́ Kan Máàkì: Ìdáhùn Lórí Títúmọ̀ Tíránsíkírípìtì Indonéṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì

*“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bándúngì ní Indonéṣíà ni mo ti gba dìgírì àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ ṣe másítáàsì nílé báyìí. Èdè ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ tíránsíkírípìtì mi. IPK mi, ìyẹn CGPA wọn, jẹ́ 3,25, gíréèdì AB sì pọ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ fún ẹni tó máa bá mi túmọ̀ rẹ̀ pé kó gbé 3,25 yẹn sórí ìdíwọ̀n márùn-ún ti ilé wa, kó sì kọ Second Class Upper sí i, kí wọ́n má baà rò pé mi ò mọ̀wé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?”*

Àbúrò mi, rárá o. Ẹni tó bá máa túmọ̀ ìwé náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn, àfi kọ́mà inú rẹ̀ nìkan. Kọ́mà ni àwọn ará Indonéṣíà ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo pọ́ìǹtì, nítorí náà 3,25 máa di 3.25. Èdè nìyẹn, iye rẹ̀ kò yí padà. Ìbẹ̀rù ọ̀rẹ́ rẹ ní ìdí o. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa tó ń lo ìdíwọ̀n 5, 2.40 sí 3.49 ni túù-túù wà. Bí akọ̀wé kan tí kò mọ ìdíwọ̀n míì bá rí 3.25 ní gbangba láìsí àlàyé, túù-túù ló máa kà á sí, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ Sangat Memuaskan sí i níbi tó o ti gbà á, èyí tó túmọ̀ sí pé ó tẹ́ni lọ́rùn gan-an. Ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣì í ni oògùn tó fẹ́ lò sí àìsàn náà. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ìwé ẹ̀rí kò gba ìyẹn. Bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́ la ó ṣe jẹ́ ẹ, àlàyé tó bá sì yẹ, a ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti máa rí i pé ẹnu ògbufọ̀ ló ti wá.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹnì kan gbé tíránsíkírípìtì wá, ó bẹ̀ mí, mo sì gbé gbogbo máàkì rẹ̀ sórí ìdíwọ̀n míì nínú táblì fúnra rẹ̀, láìfi ti àtẹ̀yìnwá síbẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé tó ń lọ gbé ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ mi, nọ́ńbà kankan kò bára mu. Wọn kò bi í ní ìbéèrè. Wọ́n dá fáìlì náà padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìwé méjèèjì kì í ṣe ti ẹnì kan náà. Ká tó kọ òmíràn, ká tó fi ránṣẹ́, àkókò ìgbaniwọlé ti kọjá. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé nítorí àánú tí mo ṣe é.

Ó dára kó o mọ ìdí tí ìsọdipúpọ̀ lásán kò fi lè ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìṣirò ni, ìṣirò kò sì í parọ́. Wọ́n á ní ká pín 3.25 sí ọ̀nà 4, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di 4.06, túù-wán nìyẹn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ní Indonéṣíà, ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní IPK tó kéré sí 2.00. Fi ìṣirò yẹn wọ̀n ọ́n, ó di 2.50, ìyẹn ni pé ẹni tó fi agbára káká jáde ti gba túù-túù, kò sì sí ẹnikẹ́ni láti Indonéṣíà tó lè ní táàdì kíláàsì láéláé. Wá gòkè wo ẹni tó ní 3.55. Dengan Pujian, oríyìn tó ga jù lọ, ni ìdíwọ̀n ibẹ̀ yàn fún irú iye bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yẹn sọ ọ́ di 4.44, ó sì bọ́ sí túù-wán torí fáàsì kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ láti 4.50. Ìṣirò kan ṣoṣo gbé ẹni ìsàlẹ̀ ga, ó sì rẹ ẹni òkè sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìdíwọ̀n méjèèjì kò pín ọ̀nà sí ibi kan náà, àwọn olùkọ́ tó ń fún ni ní máàkì náà kò sì fi ojú kan náà wò ó. Ẹni tó bá máa fi wọ́n wé ara wọn ní láti mọ ìyẹn, ó sì ní láti ní àṣẹ láti sọ ọ́. Ògbufọ̀ kò ní àṣẹ yẹn.

Jẹ́ ká wá wo ìwé náà fúnra rẹ̀, torí àárín òpó inú táblì gan-an ni àwọn ògbufọ̀ ti ń kọsẹ̀. Lẹ́yìn kódù àti orúkọ kọ́ọ̀sì, ìyẹn Mata Kuliah, wàá rí SKS, tó dúró fún Satuan Kredit Semester. Yúnìítì sẹ̀mẹ́sítà ni. Kọ “semester credit unit” sí i, kó o sì fi SKS sílẹ̀ nínú àkámọ́. Ohun tó ń dani láàmú ni ọ̀rọ̀ méjì yìí: Nilai àti Mutu. Nilai lè jẹ́ máàkì, ó lè jẹ́ gíréèdì, ó tún lè jẹ́ iye nǹkan. Mutu ni bí nǹkan ṣe dára tó. Huruf Mutu ni lẹ́tà gíréèdì, Angka Mutu ni nọ́ńbà tí lẹ́tà náà dúró fún. Ṣùgbọ́n bí o bá rí òpó tí wọ́n kọ Nilai Mutu tàbí Mutu lásán sí, má ṣe tètè túmọ̀ rẹ̀, torí ilé-ìwé kan lè fi pe nọ́ńbà gíréèdì, kí òmíràn fi pe nọ́ńbà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi yúnìítì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìṣirò inú ìwé náà ló máa sọ fún ọ. Lọ sí ìlà kọ́ọ̀sì kan tó ní yúnìítì 3, tí gíréèdì rẹ̀ jẹ́ AB. Bí òpó náà bá ní 3,5, “grade point” ni. Bí ó bá ní 10,5, “quality points” ni, torí 3 lọ́nà 3.5 ni. Mi ò mọ ọ̀nà míì tó dájú ju èyí lọ, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fi ojú inú wo sẹ̀mẹ́sítà kékeré kan, níbi tí A jẹ́ 4, AB jẹ́ 3.5, B jẹ́ 3, BC sì jẹ́ 2.5. Pendidikan Pancasila, yúnìítì 2, A, ó jẹ́ 8. Statistika Dasar, yúnìítì 3, AB, ó jẹ́ 10.5. Kimia Dasar, yúnìítì 3, B, ó jẹ́ 9. Bahasa Indonesia, yúnìítì 2, BC, ó jẹ́ 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32.5 lórí yúnìítì 10, nítorí náà IPS, ìyẹn GPA ti sẹ̀mẹ́sítà kan, jẹ́ 3.25. IPK ni ti gbogbo ọdún pátá. Bí tìrẹ bá jẹ́ yúnìítì 144, tó jẹ́ iye tó kéré jù fún dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, àpapọ̀ òpó tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 468. Wọ́n lè kọ ọ́ ní 468,00 sórí ìwé, mo sì ti rí ìtumọ̀ tó sọ irú rẹ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún nítorí kọ́mà tí wọn kò yí padà. Bí o bá gba ìtumọ̀ rẹ lọ́wọ́ ògbufọ̀, ṣe ìṣirò yìí kó o tó sanwó tó kù. Bí kò bá bára mu, wo ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá ọwọ́ ló yọ̀ níbi títẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé àkọ́kọ́ gan-an ni àṣìṣe wà, kí ògbufọ̀ má tún un ṣe. Kó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, kó sọ ọ́ nínú àlàyé ìsàlẹ̀, kí ìwọ sì kọ̀wé sí ilé-ìwé rẹ láti gba ìwé tó tọ́.

Ní ti AB tó pọ̀ nínú ìwé rẹ, mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. Ẹni tó bá rí AB nínú ìwé èsì nílé wa lè rò pé o kò wá ṣe ìdánwò. Àwọn míì á rò pé gíréèdì méjì ni wọ́n kọ sójú kan. Gíréèdì kan ṣoṣo ni, ó wà láàárín A àti B, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 3.5 ní ITB, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Bándúngì níbẹ̀. BC wà láàárín B àti C, ó jẹ́ 2.5. Kì í ṣe gbogbo Indonéṣíà ló ń lò ó. Ní Yunifásítì Indonéṣíà, A- ni wọ́n ní, tó jẹ́ 3.70, àti B+, tó jẹ́ 3.30. Ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ tó bá rò pé òun ń ran àwọn òǹkàwé lọ́wọ́, tó wá sọ AB di A-, fi kún máàkì rẹ ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó sọ ọ́ di B+ sì ti jí nínú rẹ̀. Lẹ́tà náà kò ní ìtumọ̀ lédè míì. AB ni yóò máa jẹ́. Bákan náà ni E. Ìkùnà ni E níbẹ̀, ó jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ a rí yunifásítì nílé tí E ti jẹ́ ẹni tó yege pẹ̀lú pọ́ìǹtì 1. Bí ẹnì kan bá kùnà kọ́ọ̀sì kan tí kò sì sí àlàyé, òǹkàwé lè kà á sí pé ó yege.

Àlàyé ìsàlẹ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wá. Ó yẹ kó kúrú, kó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn, kó hàn gbangba pé kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, kí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ti ẹ̀yìn ìwé náà tàbí ìwé òfin ilé-ìwé rẹ wá. Bí èmi yóò ṣe kọ tìrẹ nìyí, bí ìdíwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé rẹ bá rí bẹ́ẹ̀:

```
Translator's note (not part of the original):
Grades and averages are reproduced as issued.
Scale printed on the reverse of the original:
A = 4.0, AB = 3.5, B = 3.0, BC = 2.5,
C = 2.0, D = 1.0, E = 0 (fail).
AB and BC are single grades.
AB does not mean "absent".
IPK = cumulative grade point average, maximum 4.00.
SKS = semester credit unit.
```

Wò ó dáadáa. Kò sí túù-wán níbẹ̀, kò sí ìdíwọ̀n 5. Ìlà tó sọ pé 4.00 ni òpin ló ń ṣe iṣẹ́ tó ṣe kókó jù, torí akọ̀wé tó bá rí 3.25 lórí 4.00 kò ní fi wé 5 mọ́. Bí ilé-ìwé rẹ kò bá tẹ ìdíwọ̀n sẹ́yìn ìwé, má jẹ́ kí ògbufọ̀ wá òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n fún ọ ní ojú ewé ìdíwọ̀n tó ní òǹtẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀ ìyẹn náà.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí, ìyẹn ni Predikat, oríyìn tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Òfin mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Indonéṣíà ti ọdún 2020, tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò ní 2023, sọ pé, fún dìgírì àkọ́kọ́, 2.76 sí 3.00 ni Memuaskan, 3.01 sí 3.50 ni Sangat Memuaskan, ohun tó bá ju 3.50 lọ ni Dengan Pujian. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ọdún 2000, 2.00 sí 2.75 ni Memuaskan, Sangat Memuaskan sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 2.76. Ẹni tó jáde ní 2008 pẹ̀lú 2.90 gba Sangat Memuaskan. Ẹni tó jáde ní 2021 pẹ̀lú 2.90 kan náà gba Memuaskan. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà bí ògbufọ̀ bá fẹ́ kọ ààlà oríyìn sínú àlàyé, ti ọdún tí wọ́n fún ọ ní dìgírì ni kó kọ, bó ṣe wà nínú ìwé tìrẹ. Kó má sì ṣe fi IPK mọ oríyìn fúnra rẹ̀, torí òfin ọdún 2000 yẹn wo iye ọdún tí èèyàn lò nílé-ìwé kó tó lè gba Dengan Pujian. Ẹnì kan lè ní 3.60 kó má rí i gbà nítorí ó pẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Sangat Memuaskan ni “Very Satisfactory”, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò dún bí nǹkan ńlá létí wa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ nìyẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan tún wà tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà gan-an ló máa ń ṣì wọ́n tú, torí wọ́n jọ ohun tá a ní nílé. Àkọ́kọ́ ni Skripsi. Iṣẹ́ ìwádìí ìparí dìgírì àkọ́kọ́ ni, ohun tá a ń pè ní pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Tesis ni ti másítáàsì. Bí ògbufọ̀ bá kọ “Thesis” lásán fún Skripsi, ẹni tó ń kà á lè rò pé másítáàsì lo ti ṣe. “Undergraduate thesis” ló yẹ kó kọ. Èkejì ni KKN, Kuliah Kerja Nyata. Mo ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Rárá o. Kọ́ọ̀sì ni, ó ní SKS, ó sì ní gíréèdì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ gbé ní abúlé fún nǹkan bí oṣù kan tàbí méjì láti bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bíi pé o ti sin ìjọba, ìwọ tó ṣì ní àgùnbánirọ̀ láti lọ ṣe nílé ni yóò kó sí wàhálà. “Community service course” tọ́. Kí ògbufọ̀ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú, torí lẹ́tà mẹ́ta yẹn kan náà ni àwọn ará Indonéṣíà fi ń pe ìwà ìbàjẹ́, ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀ àti ojúsàájú nínú ìṣèlú wọn, ẹni tó bá sì wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè kọ́kọ́ bá ìyẹn pàdé. Ẹ̀kẹta ni Yudisium, ọjọ́ tí wọ́n kéde pé o ti yege. Wisuda ni ayẹyẹ tí wọ́n ti ń wọ gáùn, ó sì lè jẹ́ oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ìtumọ̀ tíránsíkírípìtì bá lo ọjọ́ kan tí ti sàtífíkéètì, Ijazah, sì lo ìkejì láìsí àlàyé, ìbéèrè á dìde.

Kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni ṣá, kọ̀wé sí ilé-ìwé rẹ ní Bándúngì ná. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ń tẹ tíránsíkírípìtì tó ní èdè méjèèjì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Bí wọ́n bá lè fún ọ, ìyẹn dára ju iṣẹ́ ọwọ́ èmi tàbí ẹlòmíràn lọ, torí òǹtẹ̀ wọn ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bi ọ́ pé ta ló túmọ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè pẹ́, Gẹ̀ẹ́sì orúkọ kọ́ọ̀sì wọn náà sì lè má dán mọ́rán. Má tún un ṣe. Bí wọn kò bá ní, penerjemah tersumpah ni kó o wá, ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ìjọba Indonéṣíà. Òǹtẹ̀ rẹ̀ sọ pé ìtumọ̀ náà bá ìwé àkọ́kọ́ mu. Kò sọ pé 3.25 jẹ́ túù-wán, ògbufọ̀ tó bá sì gbà láti fi òǹtẹ̀ yẹn jẹ́rìí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó o sá fún. Béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé tó ò ń lọ bóyá ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́, torí àwọn kan kò béèrè ju kí ògbufọ̀ kọ orúkọ àti ìbúwọ́lù rẹ̀ sísàlẹ̀.

Bí wọ́n bá wá ní dandan àwọn fẹ́ mọ ohun tí dìgírì rẹ dọ́gba pẹ̀lú nílé, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá máa ń yẹ sàtífíkéètì ilẹ̀ òkèèrè wò. Bákan náà ni ní ìhà kejì. Ẹni tó bá gbé dìgírì Nàìjíríà lọ sí Indonéṣíà, ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn ló ń ṣe penyetaraan, ìyẹn ìfidọ́gba. Bí a bá ń túmọ̀ tíránsíkírípìtì ilé wa sí èdè wọn, a kì í sọ fáàsì kíláàsì di Dengan Pujian, à ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, a ó sì kọ ọ́ sínú àlàyé pé 5.00 ni òpin ìdíwọ̀n náà. Ohun tí mi ò lè ṣèlérí fún ọ ni pé akọ̀wé tó máa ṣí fáìlì rẹ máa ka àlàyé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí ẹ̀gbẹ́ IPK fúnra rẹ̀, nínú àkámọ́ onígun tó fi hàn pé ògbufọ̀ ló kọ ọ́: `3.25 [maximum 4.00; see translator's note]`. Ojú ẹ̀ kò ní fò ó níbẹ̀.